Àìsùn màmá wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ètò ìsìn, ìpápánu àti owó rẹ̀

Àbíkẹ́yìn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín o. Màmá wa sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún 81. Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní, ni ìsìnkú wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ ní Ìbàdàn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni àìsùn, nínú ọgbà ilé wa.

Nígbà tí ẹbí pín iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ọ̀rọ̀ pósí àti sàréè, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì gbé àìsùn kọ́ èmi àbíkẹ́yìn lọ́rùn. ₦500,000 ni wọ́n kà fún mi. Àwọn tí mo rò pé wọ́n á wá tó 150. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí n sì se ìrẹsì. Mi ò ṣe irú ètò yìí rí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Akọrin

Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Olúwa á tù yín nínú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọrin níbi àìsùn, mo sì ti jẹ́ akọ̀wé ìjọ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí owó yín máa gbà lọ: aago mẹ́jọ yẹn ni.

Ẹni tó bá dé ibi àìsùn ní aago mẹ́jọ kò tíì jẹun alẹ́, ojú oúnjẹ ló sì máa fi wò yín. Ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ń fẹ́ iná káàkiri ọgbà àti lójú ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ á ṣiṣẹ́ di òru, àwọn àgbàlagbà á máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn délé, àwọn ìbátan tó jìnnà á sì béèrè ibi tí wọ́n á sùn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ olókùú gbọ́dọ̀ tètè jí lọ gbé màmá kúrò ní mọ́ṣúárì lọ́jọ́ kejì.

Ẹ fi í sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú, ẹ ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ìpápánu àti ohun mímu tó fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà fi ń pè é ní ìsìn orin báyìí. Orúkọ àìsùn ló kù, a kì í ṣàìsùn mọ́.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ lọ rí àlùfáà yín. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ọjọ́ àti wákàtí yẹn rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ta ni yóò wàásù, ṣé owó ìjọ màmá ti pé? Ẹ má fojú kékeré wo ìkẹta yẹn. Mo mọ ẹbí kan tí wọ́n ti tẹ ìwé ètò tán kí wọ́n tó gbọ́ pé bàbá wọn jẹ owó ìjọ ọdún mẹ́rin. Wọ́n san án, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń sá sókè sódò.

Màmá Ìbejì

Olúwa á dúró tì yín. Ní ìjọ tiwa, aago mọ́kànlá òru ni àìsùn ń bẹ̀rẹ̀, ìyìn àti ìjọsìn fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà àdúrà tó gbóná di aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n mú aṣọ òtútù àti ẹní dání. Tíì gbígbóná ni kí ẹ fi tọ́jú wọn, ìpápánu kì í pa oorun.

Bàbá Akọrin

Màmá Ìbejì, ìṣọ́ òru lẹ ń sọ. Àìsùn òkú làwa ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹní lọ síbẹ̀ o.

Màmá Ìbejì

Háà! Mi ò ka òkè dáadáa. Ẹ má bínú, Àbíkẹ́yìn. Ẹ kú àmúmọ́ra.

Àbíkẹ́yìn

Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí, mà. Ẹ ṣé. Bàbá Akọrin, mo ti gba aago márùn-ún, màá wá bí màá ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló máa wà nínú ìsìn gan-an, ta ló sì máa kọ ọ́?

Bàbá Akọrin

Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́, àlùfáà á tún un ṣe. Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn ẹbí nìyí, pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀, torí ètò tí kò ní ìṣẹ́jú kò lópin.

Orin ìwọlé àti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 10. Orin kejì gba 5, Bíbélì kíkà 5, ẹgbẹ́ akọrin 6. Lẹ́yìn náà ni ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ìṣẹ́jú 8. Ọ̀rọ̀ ìrántí ló tẹ̀ lé e, 20. Ẹ kọ orin kan, 5, kí àwọn tó ń sunkún lè nu ojú. Ìwàásù 15, orin ọrẹ 8, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ láti ẹnu ọmọ kan 3, àdúrà ìparí àti oore-ọ̀fẹ́ 7. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 92. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, ẹ ó parí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán.

Fún Bíbélì kíkà, Sáàmù 90 àti 1 Tẹsalóníkà 4, ẹsẹ 13 sí 18, bá àìsùn mu. 1 Kọ́ríńtì 15 dára, ṣùgbọ́n ó gùn, ìgbà púpọ̀ ni àlùfáà sì máa ń fi í sílẹ̀ fún ìsìn ọjọ́ kejì. Ẹ béèrè kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ-ọmọ tó mọ Yorùbá kà dáadáa ni kí ẹ fún, kó sì ti kà á sókè nílé ṣáájú. Ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò kà á ṣáájú kò ṣeé tún sọ.

Orin náà, ẹ mú èyí tí màmá fẹ́ràn nígbà ayé wọn, kí ẹ sì fún atẹdùùrù ní nọ́ńbà wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin náà jáde, torí kì í ṣe gbogbo àlejò ló ní ìwé orin lọ́wọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ n sọ tiwa nípa ọ̀rọ̀ ìrántí yẹn. Nígbà tí bàbá wa kú, a kọ “ọ̀rọ̀ ìrántí” sínú ètò lásán, a kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Olùdarí ètò wá ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?” Ẹni mọ́kànlá ló dìde! Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé ojú ewé márùn-ún jáde lápò. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbèsè tí bàbá wa jẹ ẹ́ lọ́dún tí mo wà ní aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ń wo agogo. Nígbà tó fi máa kan ìwàásù, ìdajì àlejò ti lọ jókòó sídìí ohun mímu, ọmọ olókùú nìkan ló ń gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Bàbá Akọrin

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àìsùn ti ń bàjẹ́. Ẹni mẹ́rin ni kí ẹ mú: ẹnì kan fún àwọn ọmọ, ẹnì kan fún mọ̀lẹ́bí, ẹnì kan fún ẹgbẹ́ tí màmá wà nínú ìjọ, àti aládùúgbò tàbí ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ orúkọ wọn sínú ètò. Ẹ sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni. Èmi ń kọ 20 dípò 12 torí mo mọ̀ pé márùn-ún ni kálukú á lò. Àwọn tó kù, ẹ ní kí wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé kì í sáábà du gbohùngbohùn.

Kò Dé Lásìkò

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ ń gbàgbé ọmọ Nàìjíríà. Bí ẹ bá kọ aago márùn-ún, mẹ́fà kọjá ni wọ́n á dé. Ẹ kọ aago mẹ́rin sínú ìwé ìkésíni, gbogbo wọn á pé ní márùn-ún.

Bàbá Akọrin

Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Àlejò á pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa dé ní aago mẹ́rin tí ẹ kọ? Àlùfáà, akọrin àti àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ti dàgbà. Àwọn ni ẹ máa fi jókòó wákàtí kan láìsí orin, ní oòrùn ìrọ̀lẹ́. Àlùfáà míì ní ìpàdé ní aago méje, á wàásù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á sì lọ. Wákàtí tó jẹ́ òótọ́ ni kí ẹ kọ. Kí akọrin máa kọrin láti aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá gbọ́ orin láti òpópónà á yára.

Kò Dé Lásìkò

Mo gbọ́, sà. Síbẹ̀, mi ò tíì rí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò rí láyé mi.

Atẹ̀wé

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n dá sí ti ìwé ètò. Ẹ má ṣe mú ojú ewé 10 tàbí 14 wá fún mi. Ìwé tí a ká sí méjì tí a fi pín-ìn-nì gún láàárín, mẹ́rin-mẹ́rin ló ń lọ: 8, 12, 16. Bí ẹ bá mú 10 wá, ojú ewé méjì á ṣófo, ẹ ó sì san owó 12. Fún àìsùn nìkan, 8 ti tó. Fọ́tò àti orúkọ wà níta, ètò ìsìn wà nínú, ọ̀rọ̀ orin tẹ̀ lé e, ìtàn ìgbésí ayé gba ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àti ètò ọjọ́ Ẹtì sì wà lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ń pa àìsùn àti ìsìnkú pọ̀ sínú ìwé kan. Ó dín owó kù, ṣùgbọ́n àlejò á gbé tirẹ̀ lọ sílé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò ní mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ó wá máa wá ìwé ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá pa á pọ̀, ẹ pín in sí ìdì méjì, kí ẹni tó ń pín in ní àìsùn má lè fọwọ́ kan ìdì kejì.

Ohun tó ń mú mi tún iṣẹ́ ṣe jù ni orúkọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta ka ìwé kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà ẹbí. Mo ti tẹ 200 ìwé fún ẹbí kan rí tí wọ́n gbàgbé ọmọ tí bàbá bí síta. Ọmọ náà dé sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀, kò pariwo, ó kàn fi ìka sí ibi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà. Mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ta ló san owó náà, mi ò ní sọ.

Àbíkẹ́yìn

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè sọ iye owó? Èyí tí mo ń gbọ́ níbí ń fò sókè bí ẹyẹ.

Bàbá Akọrin

Màá sọ ti àǹtí mi, a ṣe é ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, èèyàn 150 la sì gbé e kà. Owó ti lè yí padà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tó wúwo sí.

Kánópì mẹ́ta ní ₦15,000 kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦45,000. Àga 150 ní ₦150 jẹ́ ₦22,500. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ gba ₦60,000. Ìwé ètò, 100 péré la tẹ̀, ní ₦900, ó jẹ́ ₦90,000. Èèyàn méjì lè wo ìwé kan, ọkọ àti aya kì í gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ àwọn akọrin jẹ́ ₦30,000. Ìpápánu àti ohun mímu ní ₦1,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦225,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦472,500.

Ẹ wò ó, ohun ẹnu nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Bí a bá se ìrẹsì àti ẹran ní ₦4,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦600,000 ni oúnjẹ nìkan ì bá gbà. Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ kàn kọ ọ́ síwájú rẹ̀.

Àpò kan ni a fi pín ìpápánu: mósà mẹ́rin, ẹran díndín kan, omi inú ike kan. Ẹni tó ń jáde ló ń gbà á ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́. A kò pín nǹkan kan nígbà ìsìn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in nígbà ìwàásù, ariwo ọ̀rá á bo ohùn àlùfáà mọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa sáré kiri.

Alákánópì

Àbíkẹ́yìn, bí wọ́n bá máa gba àlejò ní ọgbà yẹn náà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnì kan ni kí ẹ bá dúnàádúrà fún ọjọ́ méjèèjì. Àwa ò ní tú kánópì, ẹ ò sì ní san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ ka àga nígbà tí wọ́n bá já a sílẹ̀, ẹ kà á lẹ́yìn àìsùn, kí ẹ sì wá ẹni tó máa sùn sí ibẹ̀. Àga máa ń rìn lóru. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́jọ dínkù, ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́mu ni a ti rí wọn.

Ẹ má ri kánópì mọ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ láìsọ fún ìjọba ìbílẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ọgbà bá gba mẹ́ta, ẹ fi mọ sí mẹ́ta.

Ọmọ Kátólíìkì

Ti àwa Kátólíìkì yàtọ̀ díẹ̀. Rósárì la máa ń fi bẹ̀rẹ̀, katikíìsì lè darí rẹ̀ bí fadà kò bá ráyè. Mo gbọ́ pé ìjọ míì kì í gbà kí ẹ gbé òkú wá síbi àìsùn. Ṣé màmá máa wà níbẹ̀?

Àbíkẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Èmi ò mọ èyí tó dára.

Bàbá Akọrin

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé fọ́tò ńlá kan àti òdòdó síwájú. Bí ẹ bá gbé wọn wá ní Ọjọ́bọ̀, áḿbúláǹsì á lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ wọn mọ́jú, ẹ ó sì máa bẹ̀rù ooru yàrá. Mọ́ṣúárì sì lè ní kí ẹ san gbogbo gbèsè kí wọ́n tó gbé wọn jáde, tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ mọ̀, àìsùn ti dúró. Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá fẹ́ gbé wọn, ẹ lọ san án lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mi ò gbà, Bàbá Akọrin. Alẹ́ tí ìyá mi sùn sílé, àwa ọmọ jókòó tì wọ́n, a sọ ohun tí a kò sọ fún wọn nígbà ayé wọn. Àfikún owó náà kò dùn mí. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin lè ní ìdí tirẹ̀, Àbíkẹ́yìn.

Bàbá Akọrin

Ìyẹn náà dáa. Ẹ̀yin ọmọ lẹ ni í.

Màmá Ìbejì

Mo padà dé, mo ti ka ti òkè báyìí. Owó ọrẹ tí wọ́n ń dá níbi àìsùn ńkọ́? Ti ìjọ ni àbí ti ẹbí? Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, ìjọ kó gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì bínú.

Bàbá Akọrin

Ọ̀pọ̀ ìjọ ń kó o, níbi òmíràn wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún opó. Kò dọ́gba. Àbíkẹ́yìn, ẹ béèrè nígbà tí ẹ bá lọ rí àlùfáà, kí ẹ má fi í kún owó tí ẹ ń retí.

Àbíkẹ́yìn

Mo ti rí àlùfáà lónìí. Wọ́n fọwọ́ sí aago márùn-ún, wọ́n ní màmá kò jẹ owó kankan. Mo kọ iye ìrẹsì yẹn síwájú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó wò ó títí, ó ní, “Mósà mẹ́rin kéré, sọ ọ́ di mẹ́fà.” Mo ní mo gbọ́. ₦27,500 ló kù lẹ́yìn ₦472,500 yẹn, òun ni màá fi kún mósà.

Ọ̀rọ̀ pé kí màmá sùn sílé ṣì wà nílẹ̀, a máa jókòó lórí ẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Atẹ̀wé, sà, fọ́tò tí mo ní kò ju èyí tí a yà nígbà ìgbéyàwó àbúrò bàbá wa lọ, mo gé e nínú ti èèyàn púpọ̀. Ṣé ó lè hàn dáadáa?

Atẹ̀wé

Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù bí fọ́tò lásán, ó ti fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ fi í ránṣẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, tàbí kí ẹ mú èyí tó wà lórí pépà wá, èmi á yà á fúnra mi. Kí ojú wọn tóbi dáadáa nínú fọ́tò náà. Bí ó bá kéré jù, ẹ wo inú àpótí wọn. Àwọn màmá máa ń fi fọ́tò tí wọ́n fẹ́ràn jù pamọ́ sí abẹ́ aṣọ.